Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Ohun Tí Àwọn Tí Ẹ Jọ Ń Tajà Kì Í Sọ̀rọ̀ Lé Lórí

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ti gbìyànjú láti wá àlàfo, ìyẹn ohun tí àwọn tí wọ́n jọ ń tajà kì í sọ̀rọ̀ lé lórí, tí kò bọ́ sí i fún wọn. Wọ́n á ṣí ojú-ewé àwọn tí wọ́n jọ ń ta ọjà kan náà, wọ́n á wò ó fún wákàtí kan, wọ́n á rí èyí tí èèyàn púpọ̀ fẹ́ràn níbẹ̀, wọ́n á sì lọ ṣe irú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ojú-ewé tiwọn àti ti ẹni tí wọ́n ń wò yóò ti jọra bí ìbejì, oníbàárà kò sì ní rí ìdí kankan tó fi yẹ kó fi ti ẹni àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Ohun tó ń fà á ni pé ohun tí ẹni kejì gbé síta nìkan ni wọ́n ń wò. Àlàfo kì í sí nínú ohun tó wà níta. Àárín ohun tí àwọn èèyàn ń béèrè àti ohun tí ẹnikẹ́ni ń dáhùn ló máa ń wà. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi gba ìwé méjì: ọ̀kan fún ohun tí àwọn tí ẹ jọ ń tajà ń gbé jáde, ọ̀kan fún ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń bi wọ́n. Ẹni tó bá kọ ìwé kìíní nìkan kò tíì ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ, ìdajì tó sì rọrùn jù ni.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè ṣe kedere, màá mú oníṣòwò kan tó ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ tí èèyàn ń lò nílé, tó sì tún ń tún un ṣe, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye tí màá lò fún un, kí ẹ lè rí bí ìṣirò náà ṣe ń lọ. Tiyín yóò yàtọ̀.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ nílò ìwé àtẹ kan lórí kọ̀ǹpútà, bíi Google Sheets, tó ní abala méjì. Ẹ pe ọ̀kan ní Atejade, ẹ pe èkejì ní Ibeere, kí ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ wọn. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Ẹ nílò wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ẹ pín in sí ọjọ́ mẹ́ta, torí ojú tó ti rẹ̀ kì í rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ sì nílò gbogbo ìbéèrè tí àwọn oníbàárà tiyín ti fi ránṣẹ́ sí yín láti bí ọdún kan sẹ́yìn, yálà nínú ínbọ́ọ̀sì ni tàbí nínú ímeèlì. Ẹ kò nílò irinṣẹ́ kankan tí wọ́n ń san owó lé lórí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan àwọn márùn-ún tí ẹ máa wò

Ẹ mú mẹ́ta nínú àwọn tó ń ta ohun tí ẹ ń tà fún irú èèyàn tí ẹ ń tà á fún. Ẹ wá fi méjì kún wọn lára àwọn tí kì í ta ohunkóhun tó jọ tiyín, àmọ́ tí wọ́n ń dáhùn ìbéèrè tí oníbàárà yín ń béèrè. Àwọn méjì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹni tó ń kọ́ni ní ìránṣọ lórí YouTube kò ta ẹ̀rọ kankan, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni oníbàárà ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ń sá lọ bí ẹ̀rọ bá da iṣẹ́ sílẹ̀.

Kí ẹ tó lè rí àwọn méjì wọ̀nyí, ẹ mú ìbéèrè márùn-ún nínú èyí tí oníbàárà ti bi yín rí, ẹ tẹ̀ wọ́n sí Google àti YouTube bí oníbàárà ṣe sọ ọ́ gan-an, ní èdè tó fi sọ ọ́. Fèrèsé ìkọ̀kọ̀, èyí tí Chrome ń pè ní Incognito, ni kí ẹ lò lórí ẹ̀rọ ìwákiri yín, kí àwọn ohun tí ẹ ti wò tẹ́lẹ̀ má baà yí èsì náà padà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde níwájú nínú ó kéré tán méjì nínú ìbéèrè márùn-ún náà ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù lọ ni wọ́n máa ń yàn. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ta ẹ̀rọ fún àwọn tó ní àádọ́ta òṣìṣẹ́ kò bá yín du oníbàárà tó fẹ́ ra ẹ̀rọ kan ṣoṣo sí yàrá rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Fún olùtajà kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé, "Tí mo bá ti ilẹ̀kùn mi lónìí, èwo nínú àwọn oníbàárà mi ló máa lọ bá ẹni yìí lọ́la?" Bí ẹ kò bá rí ẹnì kan tọ́ka sí, ẹ fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ ohun tí wọ́n gbé jáde sílẹ̀

Àtẹ̀jáde 30 tó dé kẹ́yìn ni kí ẹ mú lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá kéré sí ìyẹn, ẹ̀dínwó ọ̀sẹ̀ kan lè gba gbogbo rẹ̀ kan. Bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sú yín kí ẹ tó dé ìgbésẹ̀ tó ṣe pàtàkì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlà 150.

Lórí YouTube, ẹ ṣí abala fídíò ẹni náà, kí ẹ yan "Latest" fún àwọn tó dé kẹ́yìn, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ "Popular" kí ẹ lè rí èyí tí wọ́n wò jù. Fídíò tó ti pẹ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì ń wò yẹ kó wà nínú ìwé yín, kódà bí kò bá sí lára 30 náà. Bí ẹni náà bá ní ìkànnì tirẹ̀, ẹ fi /sitemap.xml sí ẹ̀yìn àdírẹ́sì ìkànnì náà. Níbi tí èyí kò bá ti ṣí, ẹ gbìyànjú /robots.txt, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ àdírẹ́sì máàpù ìkànnì náà sí. Ẹ sì lè wá ọ̀rọ̀ kan pàtó nínú ìkànnì kan báyìí:

```
site:example.com "abẹ́rẹ́"
```

Ẹ fi àdírẹ́sì ẹni tí ẹ ń wò rọ́pò example.com. Ẹ má ṣe gbà pé ohun tí kò bá jáde níbẹ̀ kò sí rárá o. Google kì í fi gbogbo ojú-ewé hàn lábẹ́ àṣẹ yìí, nítorí náà ó dára fún rírí ohun tó wà, kò sì tó láti fi jẹ́rìí pé ohun kan kò sí.

Òpó márùn-ún ló tó: orúkọ ẹni náà, ọjọ́, ibi tó gbé e sí, ìbéèrè tí àtẹ̀jáde náà dáhùn, àti iye èèyàn tó wò ó tàbí tó sọ̀rọ̀ sí i. Òpó kẹrin ni ọkàn gbogbo rẹ̀. Ẹ má kọ "ẹ̀rọ ìránṣọ" síbẹ̀, torí orí rẹ̀ ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́ bí ìbéèrè: "Báwo ni mo ṣe máa ki òwú bọ ẹ̀rọ yìí?" Bí àtẹ̀jáde náà kò bá dáhùn ìbéèrè ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ àwòrán ẹ̀rọ tuntun lásán ni tàbí ìkíni ọjọ́ ọdún, ẹ kọ "kò sí ìbéèrè".

Nínú àpẹẹrẹ wa, àwọn olùtajà mẹ́ta ní àtẹ̀jáde 90. Nígbà tí a kọ wọ́n tán, 58 nínú wọn ló jẹ́ "kò sí ìbéèrè": àwòrán ọjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀dínwó, àti fọ́tò ẹni tó ra ọjà. Kò sí ohun tó burú nínú èyí, òwò ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan bí ìdá kan péré nínú mẹ́ta ọ̀rọ̀ wọn ló wúlò fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu.

*Àyẹ̀wò:* Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú ìlà mẹ́wàá láìṣà, ẹ bo òpó kẹrin mọ́lẹ̀, kí ẹ tún àwọn àtẹ̀jáde náà wò, kí ẹ sì kọ ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dáhùn ní ọ̀tun. Bí mẹ́jọ bá bá ti àná mu, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ ń méfò ni. Ẹ tún un kà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kó ìbéèrè jọ

Ibí ni wúrà wà, ibí náà sì ni kí ẹ ti lo wákàtí tó pọ̀ jù. Ẹ padà sí àwọn àtẹ̀jáde 150 náà, ẹ ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ wọn. Gbogbo gbólóhùn tó bá jẹ́ ìbéèrè, tàbí ẹ̀dùn tó fara jọ ìbéèrè ("tèmi kì í ṣe báyìí o"), ẹ dà á kọ sínú abala Ibeere pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ọ́ gan-an. Ẹ má tún un ṣe, ẹ má fi ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ rọ́pò ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ "ẹ̀rọ mi ń jẹ aṣọ" kò ní lọ wá "bí a ṣe ń tún ìfà òwú ṣe" lórí Google. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ máa fi ṣe àkọlé nígbẹ̀yìn. Orúkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ kò wúlò fún yín, ẹ má kọ ọ́, àmọ́ bí ẹnì kan bá béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ kọ ìbéèrè náà.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan lórí Facebook. Kì í ṣe gbogbo kọ́mẹ́ǹtì ló máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú yín. "Most relevant" ló sábà máa ń wà lójú rẹ̀, èyí tó ń ṣa àwọn kọ́mẹ́ǹtì kan, tó sì ń fi àwọn yòókù pamọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan "All comments". Lórí YouTube, ẹ tẹ "Sort by" kí ẹ yan "Newest first", bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìyìn àti àdúrà ló máa gba òkè ojú-ewé, ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò fèsì sí yóò sì wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ bí wọ́n ṣe dá a lóhùn. Mẹ́ta péré ló wà: wọ́n dáhùn dáadáa, wọn kò dáhùn, tàbí wọ́n ní "ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì". Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù. Lójú olùtajà náà, ó ti dáhùn. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ ìdáhùn yẹn. Gbogbo ẹni tó ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tó kà á, tí kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò mọ̀ rí, á kọjá lọ ni. Nínú ìṣirò wa, "ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì" túmọ̀ sí pé wọn kò dáhùn.

Ẹ fi ìbéèrè inú ínbọ́ọ̀sì tiyín kún un. Ẹ wo àgbéyẹ̀wò tí àwọn oníbàárà kọ nípa ọjà náà níbi tí wọ́n bá ti ń tà á, pàápàá èyí tó ní ìràwọ̀ méjì sí mẹ́rin. Inú ti bí ẹni tó fún un ní ọ̀kan jù, inú ẹni tó fún un ní márùn-ún sì ti dùn jù. Àwọn tó wà láàárín ló máa ń sọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìbéèrè sí Google láìtẹ̀ ẹ́ tán, kí ẹ kọ ohun tó fẹ́ bá yín parí rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìbéèrè tó wà nínú àpótí "People also ask".

Ìbéèrè owó yóò bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹ kò bá yà á sọ́tọ̀. Nínú ìbéèrè 84 tí àpẹẹrẹ wa kó jọ, "Èló ni?" jẹ́ 31. Ẹ kà á, ẹ kọ iye rẹ̀ sí òkè ìwé, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú ìyókù. Ẹ má jù ú nù o. Bí gbogbo olùtajà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń fi owó ọjà pamọ́, kíkọ owó ọjà síta gbangba jẹ́ àlàfo tí ẹ lè dí lónìí láìya fídíò kankan.

Ohun kan wà tí mi ò ní fojú kékeré wò: ẹ má fi orúkọ oníbàárà èké lọ béèrè ọ̀rọ̀ lábẹ́ àtẹ̀jáde ẹlòmíràn, ẹ má sì lọ máa dá àwọn oníbàárà rẹ̀ lóhùn níbẹ̀. Yàtọ̀ sí pé kò tọ́, ìbéèrè tí ẹ fúnra yín bi kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni nílò ìdáhùn náà.

*Àyẹ̀wò:* Ó kéré tán, kí ìbéèrè tó lé ní 50 wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ti owó kúrò. Ẹ wo 15 tó kẹ́yìn nínú wọn. Bí ohun tuntun tó wà níbẹ̀ kò bá ju ọ̀kan tàbí méjì lọ, ẹ ti kó wọn tó. Bí ohun tuntun bá ṣì ń yọjú, ẹ má dúró.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gbé ìwé méjèèjì ka iwájú ara wọn

Ẹ ka àwọn ìbéèrè náà, kí ẹ sì fún èyí tó jọra ní orúkọ ẹgbẹ́ kan náà, ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì péré: "owu-abe" fún àwọn tí òwú ń dì wọ́n sábẹ́ aṣọ, "fo" fún àwọn tí ẹ̀rọ wọn ń fo ibì kan láìrán an bí wọ́n bá ń rán aṣọ tó ń nà, "aso-lile" fún aṣọ tó nípọn, "ki-owu" fún kíki òwú bọ ẹ̀rọ. Orúkọ kan náà yìí ni kí ẹ fún àwọn àtẹ̀jáde tó bá dáhùn wọn. Kí orúkọ ẹgbẹ́ wà ní òpó F nínú abala méjèèjì.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má fi àmì sí orúkọ nìyí. Ó ju ọ̀nà kan lọ tí kọ̀ǹpútà lè gbà kọ "ọ̀" pamọ́, ó sì sinmi lórí fóònù tàbí kíbọ́ọ̀dù tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Lójú yín, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ìwé àtẹ, wọ́n lè yàtọ̀ pátápátá, ẹ ó sì rí òdo níbi tó yẹ kẹ́ ẹ ti rí mẹ́sàn-án. Lọ́rọ̀ tí kọ̀ǹpútà máa kà, ẹ fi àmì sílẹ̀. Ní ibi tí èèyàn máa kà, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sí i.

Ẹ ṣí abala kẹta, ẹ kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ náà sí òpó A láti ìlà kejì, kí ẹ fi ìlà àkọ́kọ́ yìí sí òpó B, kí ẹ fi ìkejì sí òpó C:

```
=COUNTIF(Ibeere!$F$2:$F$200,A2)
=COUNTIF(Atejade!$F$2:$F$200,A2)
```

Ẹ fà wọ́n sísàlẹ̀. Ohun tí àpẹẹrẹ wa rí nìyí: "owu-abe", ìbéèrè 12, àtẹ̀jáde 1. "Fo", ìbéèrè 9, kò sí àtẹ̀jáde kankan. "Aso-lile", ìbéèrè 8, àtẹ̀jáde 2. "Ki-owu", ìbéèrè 7, àtẹ̀jáde 13.

Ẹni tó ń kánjú yóò mú "fo", yóò sì fi "ki-owu" sílẹ̀ torí pé wọ́n ti sọ̀rọ̀ lé e lórí ju bó ti yẹ lọ. Ẹ dúró ná. Bí àtẹ̀jáde bá jẹ́ 13, kí ló dé tí àwọn èèyàn ṣì ń béèrè? Ẹ ṣí àtẹ̀jáde mẹ́tàlá náà, kí ẹ wò wọ́n tán. Nínú àpẹẹrẹ wa, gbogbo wọn fi ọ̀nà tí òwú ń gbà hàn, láti òkè ẹ̀rọ títí dé ojú abẹ́rẹ́. Kò sí èyí tó sọ pé kí èèyàn gbé ẹsẹ̀ tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sókè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki òwú. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá wà nílẹ̀, àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń di òwú mú máa pa pọ̀, òwú kò ní wọ àárín wọn, orí wọn ló máa jókòó sí. Bí ẹ̀rọ bá wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sí ohun tó fa òwú òkè padà, gbogbo rẹ̀ á sì lọ dì sábẹ́ aṣọ bí ìtẹ́ ẹyẹ.

Ẹ ti rí i? Ìbéèrè 12 ti "owu-abe" àti 7 ti "ki-owu" jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Àtẹ̀jáde kan tó bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀rọ hàn ní ilẹ̀, tó tún fi í hàn lókè, tó sì fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sábẹ́ aṣọ nígbà méjèèjì hàn, máa dáhùn ìbéèrè 19. Iye inú àtẹ kò lè sọ èyí fún yín. Ojú tó wo àtẹ̀jáde náà dé òpin, tó sì mọ iṣẹ́, ló lè rí i. Àlàfo tó dára jù sábà máa ń wà nínú ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn rò pé wọ́n ti sọ tán.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ro iye òpó B pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá iye ìlà ìbéèrè yín mu, 53 nínú àpẹẹrẹ wa, níwọ̀n bí ẹgbẹ́ "iyoku" bá wà nínú àtẹ náà. Bó bá dín, orúkọ ẹgbẹ́ kan wà tí ẹ ṣì kọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wádìí ìdí tí wọ́n fi dákẹ́

Kì í ṣe gbogbo ibi tó ṣófo ló yẹ ká kọ́ ilé sí. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ ti wá láti ọ̀dọ̀ ó kéré tán èèyàn mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, láti ibi méjì tó yàtọ̀ síra. Ìbéèrè márùn-ún tí ẹnì kan ṣoṣo bi jẹ́ ìbéèrè kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tó pa àwọn tí ẹ jọ ń tajà lẹ́nu mọ́. Nígbà míì, wọn kò mọ̀ ọ́n ni, torí títà ni wọ́n ń ta ẹ̀rọ, wọn kò tú u rí. Nígbà míì, ẹlòmíràn ti dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ olùbéèrè náà sí Google nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀, ẹ ṣí èsì márùn-ún àkọ́kọ́, kí ẹ kà wọ́n bí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́ ní alẹ́ yìí. Bí méjì nínú wọn bá yanjú rẹ̀ pátápátá, ẹ wá òmíràn. Bí gbogbo wọn bá ń yí i po láìfọwọ́ kàn án, tiyín ni.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà ń pa ọjà lára. "Aso-lile" rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré ti inú ilé lè rán aṣọ jíǹsì, ṣùgbọ́n níbi tí ojú-ìrán bá ti kóra jọ bíi mẹ́rin tàbí mẹ́fà, ó máa ń rọ́jú, abẹ́rẹ́ sì lè ṣẹ́. Ta ni yóò kọ ìyẹn sábẹ́ àwòrán ẹ̀rọ tó fẹ́ tà? Irú àlàfo yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí kò sí ẹni tó máa sáré wá bá yín dù ú. Ẹ sọ ibi tí agbára ẹ̀rọ náà mọ: abẹ́rẹ́ 100/16 ti jíǹsì, kí èèyàn fi ọwọ́ yí àgbá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ níbi tó bá ti nípọn, kó má sì kọjá iye ìpele tí ẹ fúnra yín ti dán wò lórí ẹ̀rọ yẹn. Ẹni tó bá kà á tó sì rí i pé iṣẹ́ òun ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní rà á, kò sì ní padà wá bá yín jà.

Àwọn kan máa ń lọ wo Google Trends níbí, wọ́n sì máa ń ṣi í kà. Iye 0 sí 100 tó wà níbẹ̀ kì í ṣe iye èèyàn. 100 ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ga jù láàárín àkókò tí ẹ yàn, ìyókù sì jẹ́ ìfiwéra pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá ní òun kò rí ìsọfúnni tó tó, kò túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó ń béèrè. Èèyàn 12 tó béèrè nísàlẹ̀ àtẹ̀jáde ṣì wà níbẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Fún àlàfo kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá mú, ẹ kọ gbólóhùn kan: "Wọ́n dákẹ́ torí pé…" Bí ẹ kò bá lè parí gbólóhùn náà, ẹ kò tíì wádìí rẹ̀ tó. Ẹ má mú ju mẹ́ta lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ dí ọ̀kan, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n

Ọ̀kan ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ fi ọ̀rọ̀ olùbéèrè ṣe àkọlé, ẹ fi ìdáhùn sí gbólóhùn méjì àkọ́kọ́. Fún "fo", àkọlé lè jẹ́ "Ẹ̀rọ mi ń fo bí mo bá ń rán aṣọ tó ń nà", kí gbólóhùn àkọ́kọ́ sì jẹ́: ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ibi tí a ti ń fún òwú le. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ mú ṣonṣo wà fún aṣọ tí a hun lórí òfì. Aṣọ tó ń nà fẹ́ abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ rí roboto díẹ̀, irú èyí tí wọ́n kọ "Stretch" sí lára páálí rẹ̀, bíi 75/11, tó ń tì òwú aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kó gún un. Kí ẹ rán àjákù aṣọ kan pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjèèjì, kí ẹ ya fọ́tò ìrán méjèèjì nítòsí débi tí èèyàn á fi lè ka ibi tó fo. Fọ́tò tiyín ni o. Kókó ọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbólóhùn, àwòrán àti fídíò ní ẹni tó ni wọ́n.

Ẹ má fi iye "like" wọ̀n ọ́n. Ẹ wo iye ẹni tó tọ́jú rẹ̀ pamọ́, iye ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, àti iye ẹni tó kọ̀wé sí yín tó sì mẹ́nu kàn án. Ẹ fi wé àtẹ̀jáde mẹ́wàá tiyín tó ṣáájú rẹ̀, iye tó wà láàárín wọn ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìpíndọ́gba. Ẹ kọ iye ti mẹ́wàá náà sí E2 dé E11 nínú abala tuntun:

```
=MEDIAN(E2:E11)
```

Àtẹ̀jáde kan ṣoṣo tó ti gbòde rí yóò gbé ìpíndọ́gba ga débi pé gbogbo ìyókù á dà bí èyí tó kùnà. Ẹ fún àtẹ̀jáde ìkànnì ìbánisọ̀rọ̀ ní ọjọ́ méje. Èyí tó bá wà lórí ìkànnì tiyín nílò oṣù kan ó kéré tán, kí ẹ sì wo "Queries" nínú Google Search Console bóyá ọ̀rọ̀ olùbéèrè ti ń yọjú níbẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Nígbà míì tí ẹnì kan bá bi yín ní ìbéèrè náà, ẹ fi líǹkì ìdáhùn yín ránṣẹ́ sí i láìfi àlàyé kankan kún un. Bí kò bá padà wá béèrè ohun míì, àlàfo náà ti dí. Bó bá padà wá pẹ̀lú "ṣùgbọ́n tèmi…", ẹ da gbólóhùn yẹn kọ sí abala Ibeere, kí ẹ sì fi ohun tó béèrè kún ìdáhùn náà kí ẹ tó mú àlàfo kejì.